Abọ́ Ìrẹsì Tí Kì í Pariwo

Ìrẹsì gbígbẹ máa ń pariwo. Ẹni tó bá ti dà á sínú abọ́ irin rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ abọ́ tí Àǹtí kan ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi n'Ìbàdàn. Abọ́ rọ́bà fífẹ̀ ni. Ó ṣẹ́ táwẹ̀lì àlòkù po sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó kí hóró má baà há sínú irun táwẹ̀lì, ó wá da ìdajì kóńgò ìrẹsì lé e lórí. Ìrẹsì náà kò jìn ju ìka méjì lọ. Bí ó ṣe ń bọ́ sórí aṣọ, èèyàn ní láti tẹ́tí kó tó gbọ́ ọ.

Àwọn tí ariwo kíláàsì ń dà láàmú ló gbé abọ́ yìí kalẹ̀ fún. Ògiri búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì àti òrùlé páànù kì í gba ohùn mọ́ra, ńṣe ni wọ́n ń dá a padà. Bí àwọn ọmọ bá ń ka á-bí-dí pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan á máa gbádùn un, àwọn kan á di etí. Olórí kunkun ni wọ́n sábà máa ń pe àwọn wọ̀nyí.

Ohun tí Àǹtí yìí mọ̀ jù ni àkókò. Kì í dúró de ẹkún. Mo rí i tó ń wo ọmọ bí ọdún mẹ́ta kan: ejìká ọmọ náà ti gòkè sún mọ́ etí, ó ń jẹ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí kò pè é lórúkọ láàárín àwọn yòókù. Ó rìn lọ bá a, ó na ọwọ́ sí i, wọ́n jọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ yàrá ìkẹ́rù, níbi tí ẹní àti kọ́tíìnì tó nípọn wà. Bí ọmọ bá ti ń ké tó ń yí nílẹ̀, kò ní gbé ìrẹsì sí i níwájú, torí ńṣe ni yóò dà á nù. Abẹ́ igi ní ìta ni yóò kọ́kọ́ mú un lọ títí ara rẹ̀ á fi wálẹ̀.

Lórí ẹní, kò kọjú sí ọmọ náà. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé abọ́ tirẹ̀ síwájú, ó sì ń da ìrẹsì láti inú ife rọ́bà kan sí èkejì, ẹnu ife méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Kò sọ pé “ṣe báyìí”. Nígbà tó yá, ọmọ náà mú ife. Ó kọ́kọ́ yára, ìrẹsì tú síta. Àǹtí ò bá a wí, ó kàn túbọ̀ rọra da tirẹ̀. Ọwọ́ ọmọ náà fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ti Àǹtí mu. Mo fẹ́ kí ọmọ náà kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n Àǹtí ṣẹ́jú sí mi.

“Sà, bí ẹ bá ti yìn ín, ojú yín ni yóò máa wò, kò ní wo ìrẹsì mọ́,” ló sọ fún mi lẹ́yìn náà.

Kì í ṣe òun ló dá eré dídà yìí sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń tẹ̀lé Maria Montessori, obìnrin tó ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Róòmù lọ́dún 1907. Táwẹ̀lì yẹn àti ẹnu tó pa mọ́ ni mo kà sí ọgbọ́n Àǹtí fúnra rẹ̀.

Ejìká tó wálẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé ó ti ń yọrí, àti ẹ̀wù tó kúrò lẹ́nu. Bí ọmọ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó kù díẹ̀ kó padà sí kíláàsì, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni yóò sì kọ́kọ́ jókòó sí.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ìrẹsì bá lára mu. Èyí tí kò fẹ́ kí hóró kan ọwọ́ rẹ̀, ṣíbí ni wọ́n ń fún un. Èyí tó fẹ́ràn láti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, iyanrìn tútù ló dáa fún un. Ọmọ tó ṣì ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu tàbí imú kò gbọdọ̀ rí hóró rárá. Omi díẹ̀ ni tirẹ̀, àgbàlagbà ò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Àǹtí ò fẹ́ràn ẹ̀wà, torí bó bá há sí imú, ńṣe ló ń wú.

Ẹ̀yin òbí, ìrẹsì ò lè sọ ohun tó ń ṣe etí fún wa. Bí ọmọ yín bá ń di etí sí ariwo nílé àti nílé ẹ̀kọ́, tàbí tó ń fa etí kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó pè é ní alágídí.