Ìlà tó dá tábìlì kọjá

Ọ̀dọ̀ Georg Cantor, ní 1891, ni ọgbọ́n ìlà igun-dé-igun ti wá. Alan Turing lò ó fún ẹ̀rọ ìṣirò ní 1936. Ẹ ya tábìlì kan. Ẹ to gbogbo ètò kọ̀ǹpútà, P1, P2, P3 lọ láìlópin, sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹ tún tò wọ́n sókè, torí ètò lè gba ètò mìíràn wọlé. Àpótí kọ̀ọ̀kan ń sọ bóyá ètò ẹ̀gbẹ́ òsì máa dúró bí a bá fún un ní ètò òkè.

Ká ní ètò H lè kọ ìdáhùn sí gbogbo àpótí náà láìṣìnà. Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé: ẹ wo ìlà igun-dé-igun nìkan, P1 lórí P1, P2 lórí P2, kí ẹ sì kọ D tó ń ṣe òdìkejì:

```
def D(p):
    if H(p, p):
        while True: pass
```

D yàtọ̀ sí P1 nínú àpótí kìíní, sí P2 nínú èkejì, títí lọ. Síbẹ̀, ètò ni D, ó yẹ kó ní ìlà tirẹ̀. Kí ni D máa ṣe lórí D? Bí H bá ní D yóò dúró, D á máa yí lọ láéláé. Bí H bá ní D kò ní í dúró, D á dúró kíá. H ṣìnà lọ́nà méjèèjì, nítorí náà kò lè sí. Ọ̀pọ̀ ètò wà tí a lè mọ̀ bóyá wọ́n máa dúró o. Ètò kan ṣoṣo tó máa dáhùn fún gbogbo ètò ni kò sí.