Lámèyítọ́ lórí Ìtumọ̀ Tí Èmi Fúnra Mi Ṣe

Ìtumọ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí kò ju ojú-ewé méjì lọ, èmi ni mo sì ṣe é. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí: mi ò rí àṣìṣe inú iṣẹ́ mi títí ìyá àgbà fi rí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá àgbà kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú èdè Jàpáánù.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ń gbé ní ìlú Òsákà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá àgbà, tó ń gbé pẹ̀lú wa ní Abẹ́òkúta, fẹ́ mọ ohun tí ọmọ-ọmọ òun ń kà. Kò gbọ́ òyìnbó, nítorí náà Yorùbá ni ìtumọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ọdún kejì rèé tí àǹtí mi ti ń kọ́ mi ní èdè Jàpáánù lórí fóònù, èmi ni iṣẹ́ náà sì bọ́ sí lọ́wọ́. Àǹtí ṣí ìwé ìtàn ọmọ náà, ó ya fọ́tò ojú-ewé méjèèjì pọ̀, ó sì fi ránṣẹ́.

Kí ẹ tó lè bá mi dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí ẹ mọ bí irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Òòró ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ wà ní apá ọ̀tún pátápátá, èyí tó tẹ̀ lé e wà ní òsì rẹ̀. Ojú-ewé ọ̀tún náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà kí wọ́n tó ka ti òsì. Àwọn lẹ́tà ńláńlá tí wọ́n ń pè ní kánjì máa ń dúró fún ìtumọ̀, ṣùgbọ́n kánjì kan lè ní ọ̀nà méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a lè gbà pè é. Nítorí náà, nínú ìwé ọmọdé, wọ́n máa ń tẹ àwọn lẹ́tà kéékèèké tó ń sọ bí a ṣe ń pe kánjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Fúrígánà ni orúkọ wọn. Wọn kì í sábà tóbi ju ìdajì lẹ́tà tí wọ́n dúró tì lọ.

Gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ ojú-ewé òsì ló kó bá mi. Mo dín in kù díẹ̀ kí ó lè rọrùn láti gbé yẹ̀ wò:

今日、人気のない市場を母と歩いた。

Nínú fọ́tò náà, mi ò rí fúrígánà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yìí. Kò dùn mí rárá. Gbogbo kánjì inú rẹ̀ ló jẹ́ èyí tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní àti ìkejì ní Jàpáánù, mo sì ti mọ̀ wọ́n. Mo ka 人気 sí "nínkì", èyí tó túmọ̀ sí òkìkí tàbí ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ràn. Mo wá kọ ọ́ báyìí: "Lónìí, èmi àti màámi rìn gba inú ọjà tí kò gbajúmọ̀ kọjá."

Mo kà á fún ìyá àgbà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e sọ pé ọmọ náà di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú pinpin, ó sì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá àgbà ní kí n dúró.

"Àbẹ̀kẹ́, ọjà tí kò gbajúmọ̀ kẹ̀? Kí ló wá ń ba ọmọ náà lẹ́rù? Ta ló ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ láàárín ọjà?"

"Ẹ má bínú, mà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn."

"Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Padà lọ wò ó."

Mo padà lọ wò ó. Nígbà náà ni mo ṣàkíyèsí ohun tó yẹ kí n ti rí ṣáájú: gbogbo ìlà yòókù ló ní fúrígánà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánjì wọn, àfi ìlà yẹn nìkan. Ìwé kan kì í dédé fò ìlà kan báyìí. Ìlà àkọ́kọ́ ojú-ewé òsì ló sún mọ́ ibi tí wọ́n ti di ìwé pọ̀ jù lọ, fúrígánà rẹ̀ sì wà ní ọ̀tún rẹ̀, èyí ni pé inú kòtò àárín ìwé gan-an ló wà. Òjìji ti bò ó mọ́lẹ̀.

Mo bẹ àǹtí kí wọ́n tún fọ́tò náà yà. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ya ojú-ewé òsì nìkan, wọ́n tẹ àárín ìwé náà mọ́lẹ̀ kó lè tẹ́jú, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n sì na fóònù sókè ojú-ewé náà gan-an. Àwọn lẹ́tà kéékèèké náà jáde. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 人気 ni ひとけ, "hitóke". Kánjì kan náà ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni: àmì pé èèyàn wà níbì kan. Ọjà tí kò ní hitóke ni ọjà tó dá páropáro. Ìyá àgbà ló gbà á.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ohun àjèjì nìyí. Bí mo bá kọ "mo ra ọkọ" láìfi àmì ohùn sí i, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀ ni mo rà tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Olùkọ́ máa ń gba máàkì wa lórí àmì ohùn, síbẹ̀ mo kà á sí ohun kékeré nínú èdè ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n kò dára kí a gbára lé fúrígánà nìkan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 今日 nínú fọ́tò kejì, mo rí きよう, "kiyóò". Ìwé atúmọ̀ èdè sọ pé kiyóò ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dáńgájíá. Ó ya mí lẹ́nu. Àṣé nínú ìwé púpọ̀, nítorí pé fúrígánà ti kéré jù, wọn kì í tún lẹ́tà よ kù nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ gidi. "Kyóò", ìyẹn "òní", ni wọ́n ní lọ́kàn. Kánjì méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló gbà mí, nítorí "ìsinsìnyí" àti "ọjọ́" ni wọ́n túmọ̀ sí. Fúrígánà ló tún kánjì ṣe ní ibì kan, kánjì ló tún fúrígánà ṣe ní ibòmíràn.

Fúrígánà mìíràn sì wà tí kò yí Yorùbá padà. 市場 lè jẹ́ "iṣíba", ibi tí àwọn oníṣòwò ń pàtẹ sí, tàbí "ṣijóò", ọjà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń sọ. Iṣíba ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n "ọjà" ni Yorùbá ń pe méjèèjì, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbólóhùn náà kò dárúkọ ẹni tó rìn. Yorùbá kò gbà kí n dákẹ́ lórí ìyẹn, ni mo ṣe fi "èmi" sí i.

Ìdájọ́ mi nìyí: ìtumọ̀ mi àkọ́kọ́ kò dára, kì í sì í ṣe nítorí pé Yorùbá inú rẹ̀ kò já gaara. Ó já gaara débi pé ó bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ní báyìí, kí n tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan, mo máa ń ka kánjì inú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí n sì wò ó bóyá ìkọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kéékèèké ní ọ̀tún rẹ̀. Bí ìlà kan bá ṣófo nígbà tí àwọn yòókù kún, fọ́tò tuntun ni mo máa ń béèrè.

Èyí tí mo tún kà fún ìyá àgbà nìyí: "Lónìí, èmi àti màámi rìn gba inú ọjà tó dá páropáro kọjá." Wọn kò dá mi dúró mọ́. Wọ́n ní, "Ó dáa. Máa kà á lọ."