Àmì Ohùn àti Orúkọ Òkè-Ògùn

Àwọn kan láàárín àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá gbà pé kò pọn dandan kí á fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ibi tí ìtumọ̀ bá ti lè pọ̀ ju ẹyọ kan lọ nìkan ni kí á fi àmì sí, pé àyíká ọ̀rọ̀ yóò tọ́ ònkàwé sọ́nà níbi tí ó kù. Ẹ jẹ́ kí á mú èrò yìí dé agbègbè Òkè-Ògùn, kí á wò ó bí yóò dúró.

Bí a bá kọ Oke Ogun láìsí àmì kankan, Oke lè jẹ́ òkè, ibi gíga. Ó sì lè jẹ́ ọ̀kẹ́, àpò tí àwọn baba wa ń kó 20,000 owó ẹyọ sí. Ti Ogun ni ó le jù: ó lè jẹ́ ogun tí a ń jà, ogún tí a ń jẹ, Ògún tí alágbẹ̀dẹ ń bọ, tàbí Ògùn tí ó jẹ́ odò. Odò ni tiwa. Agbègbè Ṣakí ni orísun rẹ̀ wà. Ó ń ṣàn lọ sí gúúsù, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì bọ́ sínú ọ̀sà ní Èkó. Àlejò tí ó bá rí orúkọ náà lára pátákó kò ní rí gbólóhùn kankan tí yóò fi mọ èyí tí ó tọ̀nà, nítorí pé orúkọ a máa dá dúró. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1976, tí a sì fi odò yìí kan náà sọ lórúkọ, jẹ́ ẹ̀rí. Títí di òní ni a ń gbọ́ “Ìpínlẹ̀ Ògún” lẹ́nu àwọn tí ó kàwé dáadáa. Yemọja ni àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ mọ̀ mọ odò Ògùn; ìlà kékeré kan tí a kò kọ sórí u ni a fi gba odò lọ́wọ́ rẹ̀, tí a gbé e fún òrìṣà irin.

Àléébù kan tún wà tí àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ “ibi tí ó bá yẹ nìkan” kì í sábà rí. Ohùn mẹ́ta ni a ní. Ohùn òkè ní àmì tirẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀; ohùn àárín kò ní àmì lórí fáwẹ̀lì, àìní náà sì ni a fi ń dá a mọ̀. Nínú ìwé tí a fi àmì sí pátápátá, ogun tí kò ní àmì kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju ìjà lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí a fi àmì sí díẹ̀, tí a fi díẹ̀ sílẹ̀, ònkàwé kò mọ̀ bóyá ohùn àárín ni òǹkọ̀wé ń pè tàbí ó kàn fi àmì sílẹ̀ ni. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó fo àmì Ògùn ti ba ogun náà jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun kò nílò àmì.

Wọn yóò ní gbólóhùn yàtọ̀ sí orúkọ. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé àgbẹ̀ kan kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ láti Ìsẹ́yìn pé: Mo ti ra oko ni Saki. Àyíká ọ̀rọ̀ lè lé ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó jáde, nítorí pé a kì í rà á. Ó lè lé ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun náà jáde. Ṣùgbọ́n oko ń kọ́? Ọkọ́ tí a fi ń ro ó ń kọ́? Ọkọ̀ tí a fi ń kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà ń kọ́? Àgbẹ̀ lè ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì lè rà wọ́n ní Ṣakí. Owó wọn kò sì dọ́gba rárá. Bí ó bá fi àmì sábẹ́ lẹ́tà nìkan, oko ti yà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ́ àti ọkọ̀ ṣì di ara wọn mú. Bí ó bá fi àmì ohùn nìkan, tí ó gbàgbé ti abẹ́ lẹ́tà, ọkọ́ rẹ̀ yóò di ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kì í pè níwájú ọmọ. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àmì méjèèjì ń ṣe: ti abẹ́ ń sọ irú fáwẹ̀lì tí ó jẹ́, ti orí ń sọ ohùn tí a ó fi pè é.

Mi ò sọ pé àmì ń tú gbogbo ìṣòro. Ogún tí ó jẹ́ iye àti ogún tí ó jẹ́ dúkìá òkú, bákan náà ni a ń pè wọ́n, bákan náà ni a ó sì máa kọ wọ́n. Àmì kò lè ya ohun tí ẹnu kò yà. Ibẹ̀ ni àyíká ọ̀rọ̀ ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, bí ó ti ní in nínú ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ti Ṣakí fúnra rẹ̀ ni ó ń dùn mí jù. Shaki ni àwọn ará àtijọ́ ń kọ, ó kéré tán, h náà ń sọ bí a ṣe ń pe lẹ́tà àkọ́kọ́. Nígbà tí a yọ h, ó yẹ kí á fi àmì sábẹ́ s dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ ọ́, wọn kò sì fi nǹkan kan dípò. Bí a bá tilẹ̀ fi àmì abẹ́ yẹn sí i, tí a kò kọ ti ohùn, kò sí ohun tí ó ya orúkọ ìlú náà kúrò lára ṣàkì tí alápatà ń tà, pàápàá lára pátákó tí a fi lẹ́tà ńlá kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmì méjì péré ni akunlé nílò láti kọ ọ́ dáadáa: ọ̀kan lábẹ́ S, ọ̀kan lórí I.