Atalẹ̀ Ń Dẹ̀rọ̀ Ìrìndọ̀

Aboyún tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi láti Awóyè lọ sí Igbókòdá mọ agbára ìrìndọ̀. Ohun tí atalẹ̀ ń ṣe sí i wú mi lórí gan-an. Bí inú bá dàrú, ìfun a máa tú sẹrotóníìnì jáde, èyí a sì ta iṣan tó ń ránṣẹ́ èébì sí ọpọlọ jí. Jínjẹ́róòlù inú atalẹ̀ tútù a máa dí ibi tí sẹrotóníìnì ń gbà mú iṣan náà, nínú ìfun àti nínú ọpọlọ. Bí atalẹ̀ bá gbẹ, jínjẹ́róòlù a pàdánù omi, a sì di ṣógáòlù, tó tún ta jù ú lọ. Gíráàmù 1 atalẹ̀ gbígbẹ lóòjọ́, tí a pín sí ọ̀nà 4, ni àwọn olùwádìí sábà máa ń lò fún aboyún. Ìrìndọ̀ ló ń dín kù jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ dá èébì dúró. Bí omi kò bá dúró nínú rẹ, tètè lọ sí ilé ìwòsàn.