Lẹ́tà Kéékèèké Abẹ́ Ọ̀rọ̀

Ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ àbúrò mi gba bébà ìdánrawò Yorùbá rẹ̀ padà. Ó ká a sí mẹ́rin, ó sì tì í bọ inú ìwé ìṣirò kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ibi tí mo ti ń bá a wá rúlà ni mo ti kàn án. Máàkì 4 nínú 10 ló wà lókè rẹ̀, tí wọ́n fi báírò pupa kọ.

“Àǹtí, olùkọ́ wa ò tiẹ̀ kọ èyí tó tọ̀nà síbẹ̀. Lẹ́tà lásán ni wọ́n ń kọ.”

Mo tẹ́ bébà náà sórí tábìlì. Gbólóhùn 10 ni wọ́n ní kí ó fi àmì ohùn sí. Níbi tí ó bá ti ṣì í, olùkọ́ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì kọ d, r tàbí m sísàlẹ̀ ìlà ọ̀hún. Wọn ò fi igi la ọ̀rọ̀ kankan kọjá. Ohun tí ọmọ kọ ṣì wà níbẹ̀ kedere, kí òun fúnra rẹ̀ lè rí i. Inú mi dùn sí ìyẹn.

Àkọ́kọ́ ni “Bàbá fi ọkọ̀ ro oko.” Wọ́n kọ “r m” sábẹ́ ọkọ̀. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn títí. Mo ní kó má wulẹ̀ wò ó mọ́, kó kọ ọ́ lórin. Ó kùn ún: re, mí, re, mí. Ó wá fi ọ̀rọ̀ sí orin náà: ọkọ́. Ẹ̀rín pa á. Re-dò ni ọkọ̀ tó kọ. Mọ́tò ni bàbá rẹ̀ fi ń roko látàárọ̀.

Ó bá mi jiyàn lórí èyí tó tẹ̀lé e. “Ẹlẹ́mu fi igbá gun ọ̀pẹ” ló kọ, olùkọ́ sì kọ “r d” sábẹ́ igbá. Ó ní ṣé ọwọ́ òfo ni ẹlẹ́mu máa bá gòkè ni, kí ló máa gbe ẹmu sí? Mi ò dá a lóhùn. Ó tún gbólóhùn náà kà, ó sì dúró lórí “fi”. Igbà ni: okùn tí ẹlẹ́mu fi yí ara rẹ̀ àti igi ọ̀pẹ ká, tó ń fi í gbé ara rẹ̀ sókè. Bí igbá bá tilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun kọ́ ló fi ń gùn ún.

Ìkeje ló wá dá a dúró di ọjọ́ Àìkú. “Mo rà ẹja lọ́jà.” R kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rà, ọfà pupa kan sì tinú r náà gòkè lọ bá gbólóhùn kẹta: “Ẹja tí mo rà tóbi.” Wọ́n sì ti máàkì ìyẹn pé ó tọ̀nà! Inú bí ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ kan náà, àmì kan náà, wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n kọ èkejì.

Ọfà yẹn ni mo fi gbà pé ọ̀gá ni olùkọ́ yìí. Ká ní wọ́n kọ “ra” síbẹ̀ ni, ọmọ á kàn dà á kọ, á sì rò pé àṣìṣe ni rà níbi gbogbo. Wọ́n fẹ́ kó gbé méjèèjì síra. Mo ní kó sọ wọ́n jáde lẹ́nu: ẹja tí mo rà, mo ra ẹja. Ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé irú ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn rẹ̀ á gòkè di re, re kì í sì í gba àmì. Bó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ló tẹ̀lé e, dò náà ló máa jẹ́: mo rà á.

Ní ìkẹsàn-án, kò sí ìlà, kò sí lẹ́tà. Kìkì àmì tó-tó kan ló wà létí bébà: nǹkan wà níbí, wá a. “Ìyá mi gbà owó, ó sì kà á.” Ó kọ́kọ́ fẹ́ pa àmì méjèèjì rẹ́. Ó dúró, ó kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú pẹ́ńsù, ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ gbà, ó kọ r kékeré síbẹ̀. Ó gbé pẹ́ńsù dé orí kà, ó tún kùn ún, ó sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.