Ìlà mẹ́ta lókè síífíì

Mo fẹ́ràn akọ̀wé tó ń béèrè kó tó tẹ̀wé. Ká ní ọ̀gá báǹkì kan láti Ọ̀kà wá sí Ìkàrẹ́, tó ti kọ ọ́ sókè síífíì rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ takuntakun lòun. Akọ̀wé á pa á rẹ́. "Èèyàn mélòó ló ń jábọ̀ fún yín, sà?" Ọgọ́ta, ní ẹ̀ka mẹ́rin. "Owó ọdọọdún ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ pinnu bí wọ́n ṣe ná an, àbí ẹ kàn ń ṣírò rẹ̀?" Ibí ni iṣẹ́ ti le jù, torí ìgbìmọ̀ olùdarí tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ á béèrè bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìdáhùn méjèèjì yẹn ló máa di ìlà kìíní àti ìkejì. Ìlà kẹta á wá so àbá mọ́ àyọrísí: "Mo gbé ètò gbígba gbèsè síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n fọwọ́ sí i, gbèsè tó há sì dín kù láàárín ọdún 2." Nọ́ḿbà tí ẹ kò bá lè fi ìwé ti lẹ́yìn, ẹ yọ ọ́.