Fífọwọ́ Lẹ́rán Kì í Ṣe Eyín Dídùn

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan fi àwòrán mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kọ ìtàn kúkúrú kan nípa opó tí àwọn abánikẹ́dùn ti dágbére fún, tó wá ku òun nìkan nínú yàrá. Ní òpin ìtàn, ọmọ rẹ̀ tó ti pẹ́ lókè òkun yọ sí i lójijì. Kò lówó tí yóò fi gba ayàwòrán, ló bá lo Stable Diffusion, ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀ di àwòrán. Ó ní kí n wò ó bí mo ṣe máa ń wo iṣẹ́ yín nígbà yẹn. Ó dáa, mo wò ó. Ìtàn náà dùn. Mẹ́ta nínú àwòrán náà kò dára, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ ló sì fà á.

Ohun tó tẹ̀ fún ti àkọ́kọ́ nìyí:

```
very sad African widow, emotional, no tears
```

Obìnrin tó jáde ń da omijé pòròpòrò, ó la ẹnu bí ẹni tí olè jà lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ìbànújẹ́ inú ìtàn dákẹ́ ni! Ẹ̀rọ yìí kọ́ iṣẹ́ láti ara àwòrán orí íńtánẹ́ẹ̀tì àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ mọ́ wọn. Àwọn èèyàn kì í sábà kọ "sad" sábẹ́ àwòrán àfi tí ìbànújẹ́ náà bá hàn ketekete. Opó tó jókòó jẹ́ẹ́, obìnrin tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni wọ́n á kọ ní tiwọn. Ti "no tears" tún burú jù: ẹ̀rọ náà kò mọ ìyísódì lò dáadáa. Ó rí "tears", ó sì gbé e wá. Àpótí kan wà lọ́tọ̀ tó ń jẹ́ negative prompt. Inú ibẹ̀ ni ká tẹ "tears" sí, láìfi "no" sí i.

Ìbànújẹ́ tó dákẹ́ ní àmì tirẹ̀ lójú. Darwin ti kọ nípa rẹ̀ ní 1872: irun òkè ojú á gbéra ní apá tó sún mọ́ igi imú, àárín iwájú orí á hunjọ, igun ẹnu á sọ̀ díẹ̀. Ìwọ̀nyí ni mo ní kó tẹ̀, kó sì yọ orúkọ ìbànújẹ́ kúrò pátápátá:

```
close-up, Nigerian widow, inner eyebrows raised, lips pressed together, corners of mouth slightly down, gaze lowered
```

Ẹ kíyè sí "close-up" yẹn o. Stable Diffusion ti ìbẹ̀rẹ̀ ń ya àwòrán 512 sí 512, àmọ́ orí ẹ̀dà tó kéré sí i lọ́nà mẹ́jọ ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn 64 sí 64. Tí a bá ya opó náà láti orí dé ẹsẹ̀, tí ojú rẹ̀ wá fẹ̀ tó 40 péré, ìlà márùn-ún ni ẹ̀rọ ní láti fi ṣe ojú, imú àti ẹnu. Kò lè ṣe é. Tí èèyàn bá jìnnà, ara ni kó sọ̀rọ̀.

Ibí gan-an ni àwòrán kejì ti ṣubú. Ọmọ yìí mọ èdè rẹ̀, ó fẹ́ kí opó náà fọwọ́ lẹ́rán. Ó wá tẹ "hand on cheek". Ó rí omidan tó fi orí ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń polówó ìpara. Ó tún un tẹ̀, ó rí ẹni tí eyín ń dùn! Èdè wa kó ìtumọ̀ sínú ìṣesí náà, ṣùgbọ́n ìṣesí nìkan ló kọjá sínú Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ dúró sílé. Ohun tó ń ya ẹni tó fọwọ́ lẹ́rán sọ́tọ̀ ni ìwúwo orí. Orí ti wúwo jù fún ọrùn láti gbé:

```
elbow on knee, full weight of her head resting in her palm, shoulders rounded, other hand lying open in her lap
```

Ó tún un ṣe, mo sì mọ obìnrin náà lójú ẹsẹ̀. Irú rẹ̀ kún ilé òkú.

Ẹ̀ẹ́kẹta ni ìgbà tó rí ọmọ rẹ̀. "Very happy, big smile" ló tẹ̀. Eyín funfun, ojú òkú. Duchenne, oníṣègùn ará Faransé, ti fi hàn ní 1862 pé iṣan tó ń fa igun ẹnu sókè, a lè fi tìfẹ́tìfẹ́ lò ó, àmọ́ èyí tó yí ojú ká kì í sábà gbọ́ràn tí inú kò bá dùn. Nítorí náà, ká fi ẹnu sílẹ̀, ká tẹ ọ̀rọ̀ nípa ojú: "cheeks pushed up, eyes narrowed, wrinkles at the corners of her eyes".

Ẹ̀ẹ́kẹrin, níbi tí ayọ̀ ti bú jáde, ni mi ò fọwọ́ kàn. Ó tẹ̀ ẹ́ pé orí rẹ̀ dà sẹ́yìn, pé ó ń fọwọ́ gbá itan, pé gèlè rẹ̀ fẹ́ já bọ́. Kò dárúkọ ayọ̀ rárá. Ó ní òun kàn ń rántí ìyá òun ni. Ìka ọwọ́ obìnrin náà jẹ́ mẹ́fà, ó ń tún ìyẹn ṣe lọ́wọ́.